Lẹ́tà sí Oníṣọ́ọ̀bù: Bí A Ṣe Ń Fi Fídíò Ìpolówó Oṣooṣù Lọ Ọlọ́jà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ ó rántí pé nínú iyàrá ẹ̀kọ́ ni a ti kọ́ wa pé oríṣi lẹ́tà méjì ló wà. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ ni a ń kọ sí òbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni a ń kọ sí ọ̀gá iléeṣẹ́, aláṣẹ ìlú tàbí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá pa wá pọ̀ mọ́. Lẹ́tà tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí jókòó sí àárín àwọn méjèèjì. Ìyá tàbí bàbá àdúgbò tó ti mọ̀ wá láti kékeré ni a ń kọ ọ́ sí, síbẹ̀ owó wà nínú rẹ̀, àdéhùn sì wà níbẹ̀. Òun ni lẹ́tà tí ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya fídíò kúkúrú ń kọ sí oníṣọ́ọ̀bù kékeré, láti sọ fún un pé, “Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín polówó ọjà yín lóṣooṣù.”

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń ya fídíò kì í sábà jẹ́ ìṣòro wọn. Lẹ́tà ni ìṣòro, nítorí pé inú lẹ́tà ni ìlérí wà, ìlérí ni ó sì máa ń kó ọlọ́jà àti oníṣẹ́ sí wàhálà. Èmi náà ti wà nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀ rí, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ọmọdé ni mo kọ lẹ́tà mi àkọ́kọ́ sí. Mo kọ ọ́ pé n ó máa ṣe fídíò 20 lóṣù, pé owó rẹ̀ jẹ́ ₦30,000, àti pé ọjà wọn yóò di ìlọ́po méjì kí oṣù tó parí. Ìyá náà gbà mí gbọ́, wọ́n sì san gbogbo owó náà lọ́wọ́ kan.

Ẹ wo bí oṣù náà ṣe lọ. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn láti ya fídíò. Lílọ àti àbọ̀ ń gba ₦1,500 lọ́wọ́ mi, èyí já sí ₦18,000. Dátà gba ₦5,000. Ohun tó kù fún mi jẹ́ ₦7,000 fún iṣẹ́ odidi oṣù kan. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti rẹ̀ mí, àwọn fídíò sì ti ń jọ ara wọn.

Ọ̀kan nínú wọn gbajúmọ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wò ó, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pe fóònù ìyá náà ń pè láti ìlú tó jìnnà réré, wọ́n ń béèrè iye aṣọ tí owó ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ ju iye rẹ̀ lọ. Nígbà tí oṣù parí, mo fi iye àwọn tó wo fídíò han ìyá náà. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì bi mí pé, “Ọmọ mi, nínú gbogbo àwọn tó wò ó yìí, èwo ló ra aṣọ?”

N kò rí ìdáhùn kankan fọ̀. Mo dá ìlàjì owó náà padà fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé lẹ́tà náà ti bàjẹ́ kí n tó gbé fóònù sókè ya ohunkóhun. Mo ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi, mo ka iye fídíò dípò ohun tí fídíò wà fún, n kò sì ṣírò owó náà láti ìhà ìyá náà tàbí láti ìhà tèmi.

Kí a tó mú bírò

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ṣọ́ọ̀bù kan ní àpẹẹrẹ. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń ta bàtà àti báàgì ọmọléèwé ní Kétu, lójú ọ̀nà tó lọ sí èbúté tí a ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Agbóyì. Ẹni tó bá mọ Agbóyì mọ̀ pé omi ló yí i ká, àti pé ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń wọ̀ kí wọ́n tó dé Kétu tàbí ọjà Máìlì 12. Ohun kékeré tí ó dà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan yìí ni gbogbo lẹ́tà wa yóò dúró lé lórí.

Ohun àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, kí ó ra nǹkan níbẹ̀, kí ó sì dúró wo bí ọjà ṣe ń lọ. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, ọjọ́ tí ọjà kún àti ọjọ́ tí ọjà dá. Kì í ṣe ẹni tó rà nìkan ni kí ó máa wò. Ẹni tó wọlé tí kò rà ni kí ó tẹjú mọ́ jù, kí ó sì gbọ́ ohun tó sọ kí ó tó jáde.

Ní ṣọ́ọ̀bù àpẹẹrẹ wa, ohun tí a rí nìyí. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá mẹ́ta tí wọ́n ti òdìkejì omi wá béèrè bàtà. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ ti tán. Wọ́n kọsẹ̀ padà, owó ọkọ̀ ojú omi sì ṣòfò lórí wọn. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì kò ní wá lẹ́ẹ̀kẹta, Máìlì 12 ni yóò gbà lọ. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò mọ ṣọ́ọ̀bù yìí ni ìṣòro rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kò mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ẹ rí i pé fídíò tí gbogbo Nàìjíríà ń wò kò lè wo irú àìsàn yìí sàn. Àwọn tí ìyá náà ń fẹ́ kò ju òbí igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún lọ, àwọn tó wà ní ìrìn iṣẹ́jú díẹ̀ tàbí ní ìwakọ̀ omi kan sí i. Ibi tí a ti lè bá wọn pàdé ni WhatsApp, ní apá tí a ń pè ní Status, nítorí pé nọ́ńbà ìyá náà ti wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Nǹkan méjì wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Status yìí. Èkíní, ohun tí a bá gbé síbẹ̀ kì í pẹ́ ju wákàtí 24 lọ kí ó tó pòórá. Nítorí náà ọjọ́ tí a gbé e síbẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí àwọn òbí bá ń ra bàtà ní Sátidé, fídíò tí a gbé síta ní àárọ̀ Ọjọ́rú yóò ti lọ kí wọ́n tó ronú owó ọjà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí àárọ̀ Ẹtì ló bá a mu. Èkejì, ẹni tí ìyá náà ní nọ́ńbà rẹ̀, tí òun náà sì ti tọ́jú nọ́ńbà ìyá náà sínú fóònù tirẹ̀, ni yóò rí i. Bí oníbàárà bá ra bàtà tí kò sì tọ́jú nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, fídíò wa kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé. Iṣẹ́ wa àkọ́kọ́ nìyí, ó sì yẹ kí ó hàn nínú lẹ́tà: kí a tó ya fídíò kankan, kí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nọ́ńbà pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá rajà.

Iye fídíò àti iye owó

Nígbà tí a ti mọ ìṣòro náà, iye fídíò kò tún le láti mọ̀. Fídíò kan ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi bàtà tó wà nílẹ̀ àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn hàn. Fídíò kan ní Ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, tí yóò kọ́ òbí bí a ṣe ń dá bàtà tó lágbára mọ̀: bí wọ́n ṣe rán àtẹ́lẹ̀sẹ̀, bí a ṣe ń tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ wò, bí a ṣe ń wọn ẹsẹ̀ ọmọ kí bàtà má baà ká a lẹ́sẹ̀ kò. Méjì lọ́sẹ̀, mẹ́jọ lóṣù. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ṣe ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, nítorí dátà ni òbí fi ń wò ó.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ni a ó ya méjèèjì. Ti ọjà tó wà nílẹ̀ yóò jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, èkejì yóò dúró de Ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni a ó wọkọ̀ lóṣù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejìlá bíi tèmi ìjọ́sí.

Owó ńkọ́? Ìhà méjì ni a gbọ́dọ̀ ti ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró sí ìhà ọlọ́jà. Àwọn oníṣẹ́ kan a máa wo iye tí bàtà kan jẹ́, wọn a ní, “Bí bàtà kan bá jẹ́ ₦12,000, bàtà méjì péré ni Màmá yóò tà láti san ₦24,000 mi.” Àṣìṣe ńlá ni. Owó ọjà kì í ṣe owó ọlọ́jà. Bí ìyá náà bá ra bàtà náà ní ₦10,000, ₦2,000 ni èrè rẹ̀. Nínú ₦2,000 yìí ni yóò ti san wá. Nítorí náà, ₦24,000 túmọ̀ sí bàtà 12 tí wọn kì bá tí tà bí kò bá sí fídíò, èyí tí í ṣe mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà tí a ti fojú rí ìyá mẹ́ta tó padà lọ́wọ́ òfo láàárọ̀ Sátidé kan, mẹ́ta lọ́sẹ̀ kì í ṣe àlá. Bí a bá sọ pé ₦60,000 ni, yóò di bàtà 30, ọgbọ́n sì kọ̀ ọ́ fún irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ìhà oníṣẹ́. Ìrìnàjò mẹ́rin ní ₦1,500 jẹ́ ₦6,000. Dátà ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦8,000. Ohun tó kù nínú ₦24,000 jẹ́ ₦16,000. Wákàtí méjì ni yíyà fídíò lọ́sẹ̀, mẹ́jọ lóṣù. Gígé fídíò, títò ó àti kíkọ ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀ gba wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tún jẹ́ mẹ́jọ. Wákàtí 16 fún ₦16,000: ₦1,000 fún wákàtí kan. Bí èyí kò bá tó oníṣẹ́, kí ó dín fídíò kù tàbí kí ó wá ọlọ́jà kejì ní òpópónà kan náà, kí owó ọkọ̀ lè pín sí méjì. Kí ó má ṣe gbé owó lé ọlọ́jà lórí ju ohun tí èrè rẹ̀ lè gbé lọ. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye wọ̀nyí. Kí oníkálukú fi iye àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fo ìṣirò náà.

Lẹ́tà náà

Ẹ wá wo lẹ́tà tó ti inú àyẹ̀wò àti ìṣirò yìí jáde. Ojú ìwé kan péré ni.

Àdírẹ́sì olùkọ̀wé,
Kétu, Ìpínlẹ̀ Èkó.
17 Oṣù Kẹwàá.

Sí Ìyáàfin tó ni ṣọ́ọ̀bù bàtà ọmọléèwé,
Ojú ọ̀nà èbúté Agbóyì,
Kétu.

Màmá wa ọ̀wọ́n,

FÍDÍÒ KÚKÚRÚ MẸ́JỌ LÓṢÙ FÚN ṢỌ́Ọ̀BÙ YÍN

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Èmi ni mo ra bàtà dúdú fún àbúrò mi lọ́wọ́ yín ní Sátidé tó kọjá. Nígbà tí mo dúró, mo rí i pé ìyá mẹ́ta láti Agbóyì béèrè ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí kò sí nílẹ̀ mọ́, wọ́n sì padà. Ó dùn mí, nítorí mo rí i pé ó dun ẹ̀yin náà.

Mo fẹ́ máa bá yín ṣe fídíò kúkúrú méjì lọ́sẹ̀. Èyí tó máa jáde ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yóò fi bàtà àti báàgì tó wà nílẹ̀ hàn, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ àti iye wọn, kí àwọn oníbàárà yín lè mọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀. Èyí tó máa jáde ní Ọjọ́ Ajé yóò fi hàn bí a ṣe ń mọ bàtà tó lágbára. Orí WhatsApp yín ni a ó máa gbé e sí. Mo ti ṣe ọ̀kan fún yín láti fi wò, ó wà nínú fóònù mi, n kò sì gba owó lórí rẹ̀.

Owó iṣẹ́ náà jẹ́ ₦24,000 fún oṣù kan. Bí èrè yín lórí bàtà kan bá jẹ́ ₦2,000, bàtà 12 ni yóò san án padà. Ẹ̀yin lẹ mọ èrè yín, Màmá. Bí ó bá kéré sí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi kí a lè dín fídíò àti owó kù.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín jẹ́ mẹ́ta. Kí ẹ fún mi ní wákàtí méjì ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Kí ẹ sọ iye gbogbo ọjà tí a bá yà fún mi, kí a sì tà á ní iye náà títí di alẹ́ Sátidé. Kí ẹ máa gba nọ́ńbà ẹni tó bá rajà, kí òun náà sì tọ́jú tiyín.

N kò lè ṣèlérí pé ọjà yóò di ìlọ́po méjì. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé fídíò mẹ́jọ yóò jáde ní ọjọ́ tí a dá, pé ẹ ó kọ́kọ́ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó jáde, àti pé n ó ṣe àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan lórí rẹ̀ láìgba owó. Tiyín ni gbogbo fídíò náà, kódà bí a kò bá jọ ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi oṣù kan dán an wò. Kí ẹ san ₦12,000 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ san ìyókù nígbà tí fídíò kẹjọ bá jáde. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kò sí gbèsè kankan fún oṣù tó tẹ̀ lé e.

N ó yà lọ́dọ̀ yín ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti gbọ́ èsì yín. Ẹ ṣeun, Màmá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Orúkọ, ìbuwọ́lù àti nọ́ńbà fóònù.

Àlàyé lórí lẹ́tà náà

Ẹ kíyè sí i pé olùkọ̀wé kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Kò sọ irú fóònù tó ní, kò sì sọ pé òun mọ iṣẹ́. Ohun tó fojú rí ní ṣọ́ọ̀bù ló fi ṣáájú, nítorí ọlọ́jà tó ń kà á yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn. Ọ̀nà tí a fi ń dán èyí wò rọrùn: bí a bá lè yọ orúkọ ọjà kúrò nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí a fi ti ẹlòmíràn sí i, tí kò sì sí ohun tó yí padà, lẹ́tà náà kò tíì ṣe é fi ránṣẹ́.

Gbólóhùn tó sọ pé kí a ta ọjà ní iye tí fídíò sọ títí di alẹ́ Sátidé lè dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ́. Owó ọjà a máa gòkè láàárín ọ̀sẹ̀. Bí fídíò bá sọ ₦12,000, tí oníbàárà dé tí a ní ₦13,500, oníbàárà yóò pe ìyá náà ní onírọ́, ìyá náà yóò sì bínú sí oníṣẹ́. Bí ọlọ́jà kò bá lè dúró lórí iye kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sàn kí fídíò fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ nìkan hàn, kí oníbàárà sì béèrè iye rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àtúnṣe. “Lẹ́ẹ̀kan” ni lẹ́tà sọ. Bí a kò bá fi iye sí i, fídíò kan lè di márùn-ún. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó sọ ẹni tó ni fídíò pẹ̀lú. Mo mọ oníṣẹ́ tó pa gbogbo fídíò ọlọ́jà rẹ́ nígbà tí wọ́n jà. Ìkà ni, ṣùgbọ́n kò sí àdéhùn kankan tó sọ pé kò gbọ́dọ̀ ṣe é.

Nípa fídíò fúnra rẹ̀, nǹkan díẹ̀ péré ni lẹ́tà kò sọ tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Kí ó gbé fóònù dúró ṣánṣán, kí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn fóònù, kì í ṣe lẹ́yìn ọjà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàtà dúdú yóò di òjìji lásán. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá ń pariwo ládùúgbò, kí ó gba ohùn sílẹ̀ ní ibòmíràn, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. Ohùn ìyá náà fúnra wọn ló dára jù, torí ohùn tí oníbàárà mọ̀ ni wọ́n gbà gbọ́. Kí ó má ṣe fi orin olórin sí i láìgba àṣẹ. Kí ó má sì ya ọmọ ọlọ́mọ tó ń wọn bàtà láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà, nítorí pé láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹnikẹ́ni. Bákan náà, òfin ọdún 2022 ló gbé àjọ ARCON kalẹ̀ láti máa ṣàkóso ìpolówó ọjà nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ iṣẹ́ yìí di òwò ńlá, kí ó lọ béèrè ohun tí àjọ náà ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́

Ìbéèrè ìyá aláṣọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi: èwo nínú wọn ló rà? Ìwé àjákọ kan àti bírò kan tó láti dáhùn rẹ̀. Kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpótí owó. Kí a bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó wà nílẹ̀?” Bí ó bá ní òun rí i lórí fóònù, kí a fa ìlà kan. Bí ó bá rà, kí a fi ìlà kejì dábùú rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́jà tí kò kàwé púpọ̀ lè fa ìlà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ kíkọ ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí fídíò àkọ́kọ́ tó jáde. Bí a kò bá mọ iye bàtà tí ìyá náà ń tà tẹ́lẹ̀, a kò ní mọ iye tí fídíò fi kún un. Àkókò tún ń tan ènìyàn jẹ. Ní ìgbà ìwọlé ọmọléèwé nínú oṣù kẹsàn-án, bàtà yóò tà yálà fídíò wà tàbí kò sí. Oníṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù náà yóò rò pé òun ló ṣe é. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá dé tí ọjà wálẹ̀, ọlọ́jà yóò ní fídíò náà ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí déètì lẹ́tà wa fi wà nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí ọjà ti padà sí bí ó ṣe máa ń wà. Ohun tí a bá rí nígbà náà, òótọ́ ni.

Ká ní ìwé náà fi hàn ní òpin oṣù pé ènìyàn 19 wá nítorí fídíò, tí 14 sì rà, ₦28,000 ni èrè, ₦24,000 ni owó iṣẹ́. Ìyá náà jèrè ₦4,000, àwọn nọ́ńbà tuntun sì wà nínú fóònù wọn. Kí a tẹ̀ síwájú. Ká ní 5 péré ló rà, kí oníṣẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Kí ó wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n gbà kò pọ̀ tó, tàbí bóyá bàtà tí fídíò fi hàn ti ń tán kí Sátidé tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni kò tó, kò sí fídíò tó lè tún un ṣe. Owó tí Màmá ìbá fi san wá lóṣù kejì, kí wọ́n fi ra bàtà sí i. Ó ṣòro fún oníṣẹ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ fún ọlọ́jà kan rí, ọlọ́jà náà sì pè mí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nígbà tí ọjà ti kún ṣọ́ọ̀bù.

Ìdánrawò

1. Ẹ yan ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò yín. Ẹ kọ ohun tí àwọn mẹ́ta tí wọ́n wọlé tí wọn kò rà sọ kí wọ́n tó jáde.

2. Oníṣọ́ọ̀bù kan ń jèrè ₦500 lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, ọjà 40 ló sì ń tà lóṣù. Ṣé ó yẹ kí a gba ₦24,000 lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ó fi lọ̀ ọ́ dípò rẹ̀.

3. Ẹ kọ ìpínrọ̀ ìlérí nínú lẹ́tà sí olùrun-aṣọ kan. Ẹ fa igi sí abẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe, kí ẹ sì pa gbogbo èyí tí kò sí lọ́wọ́ yín rẹ́.